Bí A Ti Ń To Káàdì Ọwọ́ Ni Kọ̀ǹpútà Ń To Nọ́ńbà

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìgbé bá ti fọ aṣọ wọn tán tí wọ́n sì ti sá a sórí okùn, ẹni tí ó bá gba abẹ́ igi máńgòrò kọjá yóò bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ta wọ́ọ̀tì. Àwọn òbí kan wà tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí wọ́n bá rí káàdì lọ́wọ́ ọmọ, nítorí tẹ́tẹ́ ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. A fẹ́ fi dá wọn lójú pé kò sí owó nínú eré tiwa, ìyá ilé-ìgbé sì mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí yóò borí ni àwa olùkọ́ máa ń wò nígbà tí a bá dúró tì wọ́n. Ohun tí a máa ń wò ni ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pín káàdì fún un. Yóò kó wọn lé ọwọ́ òsì, yóò tẹ́ wọn bí abẹ̀bẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀kan yọ, yóò fi bọ àárín àwọn yòókù, yóò tún fa òmíràn yọ, títí gbogbo wọn yóò fi tò láti kékeré dé ńlá.

Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Síbẹ̀, ọmọ kan náà tí ó ń ṣe èyí lábẹ́ igi ní ọjọ́ Sátidé a máa wò wá bí ẹni tí ó ṣìnà sínú igbó bí a bá kọ ìlànà kan náà sí pátákó ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Àwọn òyìnbó ń pe ìlànà náà ní ínsáṣọ̀n sọ́ọ̀tì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìtò àfibọ̀ ni a ó máa pè é, nítorí pé fífi ohun kan bọ àyè rẹ̀ láàárín àwọn mìíràn ni gbogbo iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú káàdì lọ́wọ́. Páálí wọ́ọ̀tì ní káàdì 54. Àwọn tí ó ní àwòrán òbìrìkìtì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 14, ṣùgbọ́n kò sí 6, kò sì sí 9. Ká ní òbìrìkìtì nìkan ni wọ́n pín fún wa, mẹ́fà, tí wọ́n sì wà lọ́wọ́ wa láti òsì sí ọ̀tún báyìí: 7, 3, 11, 5, 14, 2.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ gbà ni pé káàdì kan ṣoṣo ti tò ná. Kò sí ẹni tí ó ṣíwájú rẹ̀ tí ó lè bá a jà. Nítorí náà, 7 tí ó wà ní òpin òsì ni ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí ó ti tò, àwọn márùn-ún yòókù sì ni ibi tí kò tíì tò. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa mú ẹni àkọ́kọ́ nínú ibi tí kò tíì tò, a ó sì wá àyè fún un nínú ibi tí ó ti tò. A kì yóò wo káàdì mìíràn rárá títí ìyẹn yóò fi jókòó.

A fa 3 yọ. A fi wé 7. 7 tóbi jù ú lọ, nítorí náà 7 sún sí ọ̀tún. Kò sí ẹlòmíràn mọ́ ní òsì, 3 sì bọ́ síbẹ̀. Ó di 3, 7. A fa 11 yọ, a fi wé 7. 7 kò tóbi jù ú lọ, nítorí náà kò sí ohun tí ó sún. 11 dúró sí ibi tí ó wà. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi 11 wé 3. Kò pọn dandan, nítorí pé 3 ti kéré sí 7 tẹ́lẹ̀, 7 sì ti kéré sí 11. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n ìlànà náà wà: nítorí pé òsì ti tò, ẹni àkọ́kọ́ tí kò bá tóbi ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa lọ ni ó ń sọ fún wa pé kí a dúró.

Nígbà tí a bá dé orí 5, ó di ìfiwéra mẹ́ta. 11 tóbi jù ú, ó sún. 7 tóbi jù ú, òun náà sún. 3 kò tóbi jù ú, a dúró, 5 sì bọ́ sí àárín 3 àti 7. Ọwọ́ wa ti di 3, 5, 7, 11. 14 kò fún wa ní wàhálà; ìfiwéra kan pẹ̀lú 11, ó parí. Ṣùgbọ́n 2 tí ó kẹ́yìn kó gbogbo ilé sókè. 14, 11, 7, 5 àti 3, gbogbo wọn ni ó tóbi jù ú, gbogbo wọn ni ó sì sún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó rí ìjókòó ní òpin òsì. Ó parí sí 2, 3, 5, 7, 11, 14. Bí a bá ka iṣẹ́ tí a ṣe, ìfiwéra jẹ́ 11, ìsún sì jẹ́ 8. Kí ẹ fi 8 yìí sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

Títí dé ibí, ọmọ tí ó ń ta wọ́ọ̀tì yóò sọ pé òun mọ gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni pé ọwọ́ ènìyàn ní oore-ọ̀fẹ́ méjì tí kọ̀ǹpútà kò ní. Èkíní ni ojú: ní ìwò ẹ̀ẹ̀kan, ojú wa ti rí ibi tí 5 yóò bọ́ sí, kí a tó mọ̀ pé a fi wé ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà kì í rí ju nọ́ńbà méjì tí ó ń fi wé ara wọn lọ. Èkejì ni pé káàdì ọwọ́ a máa fún ara wọn láyè. Bí a bá ti ti 5 bọ àárín 3 àti 7, àwọn tí ó wà ní ọ̀tún yóò yẹra fúnra wọn, a kò sì ní mọ̀ ọ́n ní iṣẹ́.

Inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìlà ìjókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí ìjókòó mẹ́fà wà fún ọmọ mẹ́fà, tí a sì ti kan gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí àlàfo, ìjókòó kò sì lè fẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ tí ó wà ní ìjókòó kẹrin wá jókòó sí ìkejì, a ó kọ́kọ́ ní kí ó dìde, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ìjókòó kẹrin yóò wá ṣófo. Ẹni tí ó wà ní ìkẹta yóò sún sí ìkẹrin, ẹni tí ó wà ní ìkejì yóò sún sí ìkẹta, ìkejì yóò ṣófo, ẹni tí ó dúró yóò sì lọ jókòó. Ó di dandan kí ìsún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè ti ṣí sílẹ̀.

Bí a ti ń kọ ọ́ ní èdè Páítìn nìyí:

```
def to(a):
    for i in range(1, len(a)):
        k = a[i]
        j = i - 1
        while j >= 0 and a[j] > k:
            a[j + 1] = a[j]
            j = j - 1
        a[j + 1] = k
```

`a` ni ìlà ìjókòó náà. Kọ̀ǹpútà a máa ka ìjókòó láti 0, kì í ṣe láti 1, ìdí sì nìyẹn tí `i` fi bẹ̀rẹ̀ láti 1: ẹni tí ó wà ní 0 ti tò tẹ́lẹ̀. Ní ìlà `k = a[i]`, a ní kí ọmọ náà dìde. `j` ni ìka tí a fi ń tọ́ka sí ẹni tí a fẹ́ fi wé e. Níwọ̀n ìgbà tí òsì kò bá tíì tán, tí ẹni tí a tọ́ka sí sì tóbi ju `k` lọ, ẹni náà yóò sún sí ọ̀tún, ìka wa yóò sì kọjá sí òsì. Nígbà tí a bá dúró, àyè tí ó ṣófo wà ní ọ̀tún ìka wa gan-an, ibẹ̀ ni `k` yóò jókòó.

Ìlà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ọmọ wa fi máa ń bà á jẹ́, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí wọn.

Èyí tí ó burú jù ni gbígbàgbé láti ní kí ọmọ dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ a rò pé `k` kò wúlò, a sì kọ `a[i]` sí gbogbo ibi tí `k` wà. Ẹ jẹ́ kí a fi káàdì wa dán an wò. 7 sún sórí 3. Nítorí pé a kò fa 3 yọ, 3 ti pòórá. 7 méjì ni ó wà lórí ìlà. Bákan náà ni 11 yóò gorí 5, tí 14 yóò sì gorí 2. Ohun tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ jáde ni 7, 7, 11, 11, 14, 14. Ẹ wò ó dáadáa: ó tò! Ẹni tí ó bá ń wo bóyá kékeré ṣíwájú ńlá nìkan yóò fi àmì dáadáa sí i. Ká ní máàkì ọmọ mẹ́fà ni, a ti sọ máàkì ọmọ mẹ́ta nù, a sì ti fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ìwé náà yóò sì mọ́ tónítóní. Ìdí nìyí tí a fi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ro gbogbo nọ́ńbà pọ̀ kí wọ́n tó tò ó àti lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó. Àwọn káàdì wa jẹ́ 42 kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó jáde jẹ́ 64. Àròpọ̀ tí kò bá ara mu ti sọ fún wa pé nǹkan sọnù. Bí ó bá tilẹ̀ bá ara mu, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé kò sí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe yìí kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni gbígbàgbé `j >= 0`, èyí tí ó ń sọ fún ìka wa pé kí ó má kọjá òpin òsì. Àṣìṣe yìí ní àrékérekè nínú Páítìn. Nínú èdè yìí, ìjókòó -1 kì í ṣe ìjókòó tí kò sí. Ìjókòó tí ó kẹ́yìn pátápátá ni. Nítorí náà, nígbà tí 3 bá lé 7 kúrò tí ìka wa sì kọjá òpin, yóò yí lọ bá 2 ní ìkángun kejì. 2 kò tóbi ju 3 lọ, kọ̀ǹpútà dúró, 3 sì jókòó sí ibi tí ó yẹ. Àkẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé iṣẹ́ òun pé. Ó di ìgbà tí ó bá kan 2, tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kéré jù ú tí yóò dá a dúró, kí ìka náà tó máa yí ká, kí ó máa gbé nọ́ńbà gorí ara wọn, títí yóò fi bọ́ sí ìta, tí ọ̀rọ̀ yìí yóò sì hàn:

```
IndexError: list index out of range
```

Ẹni tí ó bá rí i kí ó lọ wo òpin òsì. Ẹni tí kò bá sì rí i kí ó má tíì dúpẹ́. Kí ó fi èyí tí ó kéré jù sí ìkẹyìn, kí ó tún dán an wò.

Ẹ̀kẹta kéré lójú: kíkọ `>=` sí ibi tí ó yẹ kí `>` wà nínú ìfiwéra. Ìlà yóò ṣì tò, nọ́ńbà kankan kò sì ní sọnù. Ṣùgbọ́n ká ní 7 méjì wà lọ́wọ́ wa, 7 òbìrìkìtì tí ó ṣíwájú àti 7 onígun mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá lo `>`, ẹni tí ó dọ́gba kò ní lé ẹnìkejì rẹ̀ kúrò. Òbìrìkìtì yóò ṣíwájú síbẹ̀. Bí a bá lo `>=`, onígun mẹ́ta yóò fò ó kọjá láìnídìí. Kí ni ó kàn wá nínú èyí? Ẹ ronú nípa ìwé orúkọ kíláàsì tí ó ti tò ní ìlànà a-bí-dí, tí a wá fẹ́ tún tò nípa máàkì. Bí ọmọ mẹ́rin bá gba máàkì kan náà, ó yẹ kí orúkọ wọn ṣì tẹ̀ lé a-bí-dí láàárín ara wọn. Àmì kékeré kan ni ó ń pa ìyẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìsún 8. Ẹ tún wo káàdì bí wọ́n ti wà kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n: 7, 3, 11, 5, 14, 2. Ẹ ka iye méjì-méjì tí ńlá wọn ṣíwájú kékeré. 7 ṣíwájú 3, 5 àti 2: mẹ́ta nìyẹn. 3 ṣíwájú 2: ọ̀kan. 11 ṣíwájú 5 àti 2: méjì. 5 ṣíwájú 2, 14 náà ṣíwájú 2: méjì mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8. Kì í ṣe èèṣì. Ìsún kọ̀ọ̀kan a máa tún ọ̀kan péré ṣe nínú àwọn tí ó wà ní ipò òdì, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í dín. Nítorí náà, bí nǹkan bá ti dàrú tó ni ìlànà yìí ń ṣiṣẹ́ tó. Bí ó bá ti tò tẹ́lẹ̀, ìsún kò sí rárá, ìfiwéra 5 péré ni káàdì mẹ́fà yóò gbà. Bí ó bá sì yí padà pátápátá, láti ńlá dé kékeré, ìsún 15 ni.

Lórí káàdì mẹ́fà, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ń dàgbà kánkán. Ìwé ìdánwò 40 tí ó dàrú pátápátá yóò gba ìsún 780. Nọ́ńbà 1,000 yóò gba 499,500. Bí ó bá dàrú lásán láìní ètò kankan, bíi ìdajì iye wọ̀nyí ni a lè retí. Bí a bá sọ iye nọ́ńbà di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ a di bí ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí agbára ìtò àfibọ̀ pin sí nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún olùbẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi máa bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra láti àárín ibi tí ó ti tò, kí a mọ ìdajì tí káàdì wa wà, kí a tún pín ìdajì náà sí méjì. Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti pẹ́. John Mauchly, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà ENIAC, ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní 1946. Ó ń dín ìfiwéra kù gan-an. Ṣùgbọ́n kò dín ìsún kankan kù, nítorí pé mímọ ìjókòó tí ọmọ yóò jókòó sí kò sọ pé kí àwọn yòókù má dìde. Síbẹ̀, ó wúlò fún ègé kúkurú. Nígbà tí Tim Peters ṣe ìlànà ìtò tí a fi sínú Páítìn ní 2002, irú ìtò àfibọ̀ yìí ni ó fi ń to àwọn ègé kéékèèké tí kò tó 64, kí ó tó wá da àwọn ègé náà pọ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ọmọ wa tí ó bá kọ `sort()` sórí ìlà nọ́ńbà mẹ́wàá ti lo káàdì ọwọ́ láìmọ̀.

Ibi tí a ti mọrírì rẹ̀ jù ni ibi tí nǹkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán. Ká ní ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ti to orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ 312 fún ìwé ìrántí, kí orúkọ 9 tó pẹ́ tó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní kí a da gbogbo rẹ̀ rú kí a tún un bẹ̀rẹ̀, ìtò àfibọ̀ yóò sì gba nǹkan bí ìsún 25,680 lórí orúkọ 321 tí a dàrú bẹ́ẹ̀. Bí a bá kàn kọ àwọn 9 náà sí ìsàlẹ̀ èyí tí ó ti tò, ìsún kò lè ju 2,844 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò lọ sí òkè pátápátá.

Àwọn tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ọmọ kan kò bá ní káàdì tí ó bá tilẹ̀ mu, tí wọ́n sì ní kí ó lọ sọ́jà, yóò fa ọ̀kan láti orí páálí. Kì í da ọwọ́ rẹ̀ rú. Ó kàn ń wò láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó ti káàdì náà bọ àyè rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tí ó kàn máa ta.